Gbèsè mẹ́rin lọ́rùn, owó kan lọ́wọ́: èwo ni kí n kọ́kọ́ san tán?

Aránṣọ_Kúbwá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àbújá àti gbogbo òkè Ọya. Gbèsè mẹ́rin ni mo ní. Fóònù tí mo gbà láti máa san díẹ̀díẹ̀ ku ₦36,000, ₦9,000 lóṣù. Ti áàpù jẹ́ ₦50,000, èlé rẹ̀ 15% lóṣù, ₦7,500 ni mò ń san lóṣooṣù kí wọ́n lè bá mi sún un síwájú. Máíkírófáínáǹsì yá mi ní ₦180,000 fún oṣù 12, èlé 5% lóṣù, ₦24,000 ni mò ń san, ó ku oṣù 7. Káàdì kírẹ́díìtì tèmi ní báńkì wà ní ₦210,000, èlé 3.5% lóṣù, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ san dín ní ₦21,000. Owó tí mo lè yà sọ́tọ̀ fún gbogbo wọn lóṣù jẹ́ ₦85,000. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù, wọ́n ń pè é ní sínóbọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ní èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni, wọ́n pe ìyẹn ní afalánṣì. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

BàbáBọ́lá_Nyányá

Sínóbọ́ọ̀lù ni o, màmá. Fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ wò ó: tí ẹ bá ti san ohun tí gbogbo àwọn yòókù ń bèèrè, ₦32,500 ló máa kù fún fóònù lóṣù yìí. Ó ku ₦3,500 péré fún oṣù tó ń bọ̀, gbèsè kan ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó wá kó ₦9,000 rẹ̀ lé ti áàpù lórí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa bá a lọ títí dé orí káàdì.

Èmi àti ìyàwó mi ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì tán. Ohun tó máa ń dá èèyàn dúró lórí gbèsè ni kó máa san, kó máa san, kó má rí ọ̀kan ṣoṣo tó parí. Ní ti èlé, tí owó bá kéré báyìí, kò ju owó ọkọ̀ Nyányá sí Bẹ́jà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò kó yín láyà jẹ.

Oníṣirò_Gwárínpà

Bàbá Bọ́lá, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe é jáde, torí kò pẹ́ kí a tó rí iye tó jẹ́.

Tí màmá bá ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, ₦50,000 áàpù kò ní dín lóṣù àkọ́kọ́ rárá, ₦7,500 ìsúnsíwájú ni wọ́n á kàn tún gbà. Lóṣù kejì, lẹ́yìn ₦3,500 tó kù lórí fóònù, áàpù á rí ₦36,500 gbà nínú ₦57,500, ó ku ₦21,000. Lóṣù kẹta, ìyẹn ti di ₦24,150, ẹ ó sì san án tán. Gbogbo èlé tí áàpù gbà jẹ́ ₦18,150.

Tí ẹ bá wá ti orí áàpù bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń san ₦9,000 fóònù bó ṣe wà, ₦31,000 ni áàpù á rí lóṣù àkọ́kọ́. ₦57,500 á di ₦26,500. Lóṣù kejì, èlé gbé e dé ₦30,475, ₦31,000 yín ti pa á. Èlé tí áàpù gbà jẹ́ ₦11,475. ₦525 tó ṣẹ́kù níbẹ̀ á lọ sórí fóònù, fóònù náà á sì tán lóṣù kẹta.

Lọ́nà méjèèjì, òpin oṣù kẹta ni gbèsè kékeré méjì yìí ti lọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ₦6,675. Ẹni tó bá fẹ́ san ₦6,675 kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ lóṣù kan ṣáájú, n kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n kó mọ iye tó ń san.

Ohun kan wà tí màmá gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ìṣirò yìí tó lè dúró. Áàpù mìíràn kì í gba ojú owó ní ìdajì. Tí ẹ bá san ju èlé lọ, wọ́n lè máa ka ₦50,000 yín síbẹ̀ títí ẹ ó fi mú gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ san owó kékeré lé èlé lórí, kí ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ iye tí ẹ jẹ bóyá ó dín. Tí kò bá dín, ẹ má sanwó mọ́ ju ₦7,500 lọ. Ẹ gbé ₦23,500 tó kù sọ́tọ̀, kí ẹ fi kún ti oṣù kejì. ₦54,500 nìyẹn máa jẹ́, ₦57,500 ni wọ́n á bèèrè. Ẹ wá ₦3,000 tó kù yẹn látinú iṣẹ́ ìránṣọ, torí tí kò bá pé, ₦7,500 mìíràn ni ẹ ó tún fi sún un síwájú.

Ọmọ_Ìlọrin_Wúsè

Àsàlámù aláékúmù. Kí ni ẹ tún ń lọ yáwó èlé mìíràn fún? Wàláhì, èlé orí èlé kò lè tú èèyàn sílẹ̀ láéláé. Báńkì tí kì í gba èlé wà ní Àbújá níbí, Jáìsì àti Táàjì, ẹ lọ bá wọn. Mọ́sálásí tiwa náà ní àpò tí a fi ń ràn ara wa lọ́wọ́, tí ẹni tó bá gba ₦50,000 ń dá ₦50,000 padà.

Aránṣọ_Kúbwá

Àlàáfíà, bùọ̀dá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yá òmíràn o, ẹ̀yí tí mo ti jẹ ni mo fẹ́ san.

Oníṣirò_Gwárínpà

Bùọ̀dá Wúsè ṣì í gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò lọ lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá lè yá màmá ní owó aláìlélé láti pa ti áàpù nìkan, 15% lóṣù ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ náà lè ṣe é fún ẹni tó bá ti dá owó pamọ́ síbẹ̀. Kó má ju iye tí áàpù ń bèèrè lọ ni. Mo ti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yáni lówó fún ọdún mélòó kan, mo sì rí ọ̀pọ̀ tó gba ₦200,000 láti fi pa gbèsè ₦120,000. Owó tó lé yẹn kì í dúró, áàpù tí wọ́n sì ti pa á máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì pé iye tí ẹ lè yá ti pọ̀ sí i. Tí ẹ bá ti san án tán, ẹ yọ káàdì ATM yín kúrò lórí áàpù náà, ẹ gba ìwé tó sọ pé ẹ kò jẹ wọ́n mọ́, kí ẹ sì tó wá pa áàpù rẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Karu

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má báa gbàgbé àwọn tí ẹ kò tíì kàn nínú ìṣirò yín. Èmi ń jẹ báńkì kan lórí káàdì, mo sì ń pa owó iléèwé àwọn ọmọ mọ́ sí báńkì mìíràn pátápátá. Oṣù bíi mélòó kan ni n kò fi rí iye tí káàdì ń bèèrè san, torí olówó-èlé kan ń yọ mí lẹ́nu, òun ni mo ń kó owó fún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, owó iléèwé ti lọ. Báńkì kejì ní àwọn kọ́ ló mú un, àṣẹ ló wá láti ibòmíràn. Ìdajì owó ọmọ méjì, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọlé.

Oníṣirò_Gwárínpà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira. Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GSI nìyẹn. CBN ló gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 2020. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú nígbà tó ń yáwó ti gbà pé bí òun kò bá san, báńkì tó yá òun lówó lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì òun mìíràn tó so mọ́ BVN kan náà. Ojú owó àti èlé tó ti gorí rẹ̀ ni wọ́n lè fi gbà, kì í ṣe owó ìtanràn. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n yọ ju ìyẹn lọ, ẹ ní ẹjọ́ láti rò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, nínú sínóbọ́ọ̀lù àti afalánṣì méjèèjì, ohun tí gbèsè kọ̀ọ̀kan ń bèèrè lóṣù ni a kọ́kọ́ ń san, kí a tó máa jiyàn lórí ibi tí èyí tó lé máa lọ. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọ̀kan kọjá ọjọ́ rẹ̀ kì í tún ṣe òun ló ń yan èyí tó máa san mọ́.

BàbáBọ́lá_Nyányá

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, Oníṣirò. Ẹ tò ó jáde pé áàpù ṣáájú, lẹ́yìn náà máíkírófáínáǹsì, torí 5% ju 3.5% lọ, lẹ́yìn náà káàdì. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni afalánṣì ń lọ?

Oníṣirò_Gwárínpà

Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ ká dúró pẹ́, torí ibẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ màmá, kò sì sí nínú àlàyé sínóbọ́ọ̀lù tàbí afalánṣì tí a máa ń kà káàkiri.

5% máíkírófáínáǹsì àti 3.5% káàdì kì í ṣe ohun kan náà. Ti káàdì, orí ohun tó kù ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá san, èlé oṣù tó ń bọ̀ á dín. Ti máíkírófáínáǹsì, orí ₦180,000 ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù 12: ₦15,000 ojú owó, ₦9,000 èlé, ₦24,000. Lóṣù àkọ́kọ́ tí gbogbo ₦180,000 wà lọ́wọ́ yín, ₦9,000 jẹ́ 5% lóòótọ́. Nísinsin yìí ẹ ti san oṣù 5, ojú owó tó kù jẹ́ ₦105,000, síbẹ̀ ₦9,000 náà ni wọ́n ń gbà. Ó ti lé ní 8.5% nìyẹn. Lóṣù tó kẹ́yìn, ₦15,000 ló máa wà lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì gba èlé ₦9,000 lórí rẹ̀. Tí a bá ṣírò gbogbo oṣù 12 lọ́nà tí báńkì fi ń ṣírò káàdì, díẹ̀ ló fi lé ní 8% lóṣù.

Ẹ lè rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé kí a sáré pa á. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí màmá bi wọ́n ni èyí: "Tí mo bá fẹ́ pa gbèsè yìí dé lónìí, èló ni?" Bí wọ́n bá ní ₦168,000, ìyẹn ₦24,000 lọ́nà méje, a jẹ́ pé èlé ti di ti wọn, ẹ san án lónìí, ẹ san án lóṣù méje, ohun kan náà ni. Gbèsè bẹ́ẹ̀ kò ní èrè kankan fún ẹni tó bá yára san án, bó ti wù kí èlé rẹ̀ ga tó. Ẹ jẹ́ kó máa lọ ní ₦24,000 rẹ̀, kí gbogbo owó tó lé máa lọ sórí káàdì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ₦114,000, ìyẹn ojú owó ₦105,000 àti èlé oṣù yìí nìkan, ₦54,000 ló wà nílẹ̀ tí ẹ lè gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Fóònù náà bẹ́ẹ̀. Èlé rẹ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n tà á fún yín, bí ẹ bá yára san án, kò sí kọ́bọ̀ tó máa dín. Èyí ló jẹ́ kí n fi í sẹ́yìn áàpù.

Nítorí náà, ohun tí a ó fi tò wọ́n ni iye tí ₦1,000 tí a bá san ṣáájú àkókò máa gbà sílẹ̀ fún wa. Iye èlé tí wọ́n kọ sórí ìwé kò tó láti fi tò wọ́n.

Ọmọ_Ìlọrin_Wúsè

Ó yé mi báyìí, ẹ ṣeun. Ṣé wọn kì í gbà á díẹ̀díẹ̀? Ká ní ó mú ₦30,000 wá lé ₦24,000?

Oníṣirò_Gwárínpà

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọn kì í gbà á bẹ́ẹ̀. ₦30,000 yẹn á kàn lọ sínú owó oṣù tó ń bọ̀, èlé kò ní yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbà láti dín èlé kù fún màmá, ṣe ni yóò máa tọ́jú owó sọ́tọ̀ títí yóò fi tó.

Ẹ wo bí ó ṣe máa rí. Lẹ́yìn oṣù kẹta tí áàpù àti fóònù ti lọ, ₦22,525 á ṣẹ́kù lọ́wọ́ màmá látinú ₦85,000 oṣù yẹn. Kó tọ́jú rẹ̀. Lóṣù kẹrin, ojú owó máíkírófáínáǹsì ti di ₦60,000. Tí a bá fi èlé oṣù náà kún un, ₦69,000. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ₦22,525 tó tọ́jú, ₦40,000 tó ń lọ sórí áàpù àti fóònù tẹ́lẹ̀, àti ₦24,000 tó yẹ kó san lọ́jọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. ₦86,525 nìyẹn. Yóò san ₦69,000 dípò ₦96,000, ₦27,000 ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ₦17,525 tó kù á sì lọ sórí káàdì pẹ̀lú ₦21,000 rẹ̀.

Láti oṣù karùn-ún, káàdì nìkan ló kù, ₦85,000 odindi ló ń lọ síbẹ̀, yóò sì tán lóṣù kẹfà. Tí a bá yọ èlé tí káàdì máa fi gùn díẹ̀ nítorí owó tí a tọ́jú, èrè tó kù fún màmá ṣì lé ní ₦23,000. Ẹ fi ₦6,675 tí a ń jiyàn lé lórí láàárọ̀ wé e.

Ó dúró lórí pé kò fi káàdì ra nǹkankan mọ́. Tí gbèsè bá wà lórí káàdì, ohun tuntun tí ẹ bá fi rà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èlé láti ọjọ́ tí ẹ rà á, bí ẹ bá sì fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

BàbáBọ́lá_Nyányá

Oníṣirò, mo gbà yín lọ́gá lórí máíkírófáínáǹsì, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, n kò tíì kúrò níbi tí mo wà. Aránṣọ ni màmá. Owó aránṣọ kì í wọlé bákan náà lóṣooṣù. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ní January, ta ló ń ránṣọ ní Àbújá? Lẹ́yìn Iléyá ńkọ́? Ìṣirò yín dúró lórí pé ₦85,000 máa wọlé lóṣù mẹ́fà láìyẹ̀. Tó bá di ₦60,000 lóṣù kan, ₦61,500 ni gbèsè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bèèrè kó tó lè mí. Ẹni tó bá ti pa fóònù, ₦52,500 ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì lè dúró. Ẹ rántí ohun tí Ìyá Ìbejì sọ.

Oníṣirò_Gwárínpà

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yìí, Bàbá Bọ́lá, ó sì lágbára ju ti ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ mú wá. ₦36,000 fóònù máa ń mú ₦9,000 kúrò nínú ohun tó pọn dandan lóṣù. ₦50,000 áàpù ń mú ₦7,500 kúrò. Lójú ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò, fóònù ló ń tú u sílẹ̀ jù.

Tèmi ni pé, tí oṣù tó kù díẹ̀ káàtó bá ti súnmọ́, kó pa fóònù. Tí ó bá jẹ́ àkókò tí iṣẹ́ ń wọlé, tó ní oṣù méjì tó dájú níwájú, kó pa áàpù. Màmá nìkan ló mọ ibi tí ó wà.

Ẹlẹ́kọ_Zaria

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé màmá kò sí nínú àdáṣí, ìyẹn èsúsú, ni? Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kò sí obìnrin ọjà tí kò sí nínú ọ̀kan.

Aránṣọ_Kúbwá

Mo wà nínú ọ̀kan o, àwa mẹ́wàá ni, àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Háúsá àti Gbàgí. ₦10,000 lóṣù, kò sí nínú ₦85,000 yẹn. Ó ku oṣù márùn-ún kó tó kàn mí.

Ẹlẹ́kọ_Zaria

Ẹ bẹ ẹni tó kàn lóṣù yìí tàbí èyí tó ń bọ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ ipò. Ìyá tó ń ṣe olórí tiwa máa ń gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹni náà bá fẹ́. Ẹ ó kó ₦100,000, ẹ ó pa áàpù ní ọjọ́ yẹn gan-an, owó á sì tún kù lórí fóònù.

Oníṣirò_Gwárínpà

Ó dáa gan-an, bí ó bá ṣeé ṣe. ₦57,500 á lọ fún áàpù, ₦36,000 á pa fóònù, kò tiẹ̀ ní sí àríyànjiyàn láàárín èmi àti Bàbá Bọ́lá mọ́. Ṣùgbọ́n màmá á máa dá ₦10,000 títí ọ̀wọ́ náà á fi parí, láìtún ní kó nǹkan kan. Ẹni tó kó o tán tó wá dáwọ́ dúró máa ń ba orúkọ jẹ́ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, ìyẹn sì burú ju àtẹ̀jíṣẹ́ áàpù lọ.

Ìyá_Ìbejì_Karu

Ní ti áàpù, tí ẹ bá pẹ́ san, ṣé wọ́n ṣì ń pe àwọn èèyàn inú fóònù ẹni? Wọ́n ṣe é fún ọmọ àbúrò mi, wọ́n pe pásítọ̀ rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ méjì.

Oníṣirò_Gwárínpà

Òfin kò gbà wọ́n láyè. FCCPC ló ń bójú tó wọn, àwọn ló ń forúkọ áàpù ẹ̀yáwó sílẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí ojú-òpó wọn. Kí ọmọ náà ya àwòrán àwọn ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kó sì fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn. Àwa tí a wà ní Àbújá lè gbé e lọ fúnra wa, ọ́fíìsì wọn wà ní Asókórò. Ẹ̀sùn kò ní kí gbèsè tán o, owó tó jẹ ṣì wà níbẹ̀.

Aránṣọ_Kúbwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé ọ̀dọ̀ máíkírófáínáǹsì. Ọmọkùnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ mi ní, "Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, a máa dín in kù fún yín." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ó ní kò pọn dandan. Mo ní èló ni, ó ní kí n kọ́kọ́ mú owó wá ná.

Oníṣirò_Gwárínpà

Ẹ má mú kọ́bọ̀ lọ. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń purọ́, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, ó sì lè ti kúrò níbẹ̀ lóṣù kẹrin. Mo ti rí ibi tí ẹni kan ti san owó ìparí, tí wọ́n kà á sí owó oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, tí èlé sì ń lọ bó ṣe wà. Ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù, kí ẹ wo ibi tó bá ti sọ̀rọ̀ nípa sísan ṣáájú àkókò. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò níbẹ̀: bóyá èlé tó kù máa kúrò, bóyá wọ́n ń gba owó kan lórí rẹ̀, àti bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Aránṣọ_Kúbwá

Mo ti rí i. Ojú ewé kẹta. Ó ní oníbàárà lè san ṣáájú, èlé oṣù tí kò tíì dé kò ní sí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gba 2% lórí ojú owó tó kù, kí n sì fi ìwé sọ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú.

Oníṣirò_Gwárínpà

A jẹ́ pé ó ti lójútùú. 2% lórí ₦60,000 jẹ́ ₦1,200. ₦70,200 ni ẹ ó san lóṣù kẹrin, ó ṣì wà lábẹ́ ₦86,525. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ó jẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kò gbọdọ̀ duro di oṣù kẹrin kí ẹ tó kọ ọ́, torí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn á ná yín ní ₦9,000.

BàbáBọ́lá_Nyányá

Màmá, àdáṣí ńkọ́? Àbí fóònù ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ pa?

Aránṣọ_Kúbwá

Ìyá Hàjárà ló kàn lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi tiẹ̀ ra ewúrẹ́, òun á dá mi lóhùn ní ọjọ́ Jímọ̀. Tí kò bá gbà, áàpù ni màá bẹ̀rẹ̀, torí aṣọ ìgbéyàwó méjì ti wọlé fún mi ní Dútsé. Tí wọ́n bá sì fà á kọjá oṣù yìí kí wọ́n tó sanwó, màá ṣe ti Bàbá Bọ́lá.